Ìkọ́ Kẹta Nínú Ìbéèrè Mi

Ọmọbìnrin náà kò jókòó nígbà tí mo ní kó jókòó, ohun àkọ́kọ́ tí mo kà sí i lọ́rùn nìyẹn. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀ mi pẹ̀lú ìwé kan lábẹ́ apá, eruku ọ̀nà Òkè-Oyì ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ó ní olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti fẹ̀yìn tì ló rán òun sí mi.

"Kí ló ní kí o sọ fún mi?"

"Wọ́n ní kí n lọ bá ẹni tó kọ ìbéèrè náà, mà. Wọ́n ní ẹ ṣì wà láyé."

Mo mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ nípa agbára nígbà tó wà ní ọdún kejì, kò sì fẹ́ràn mi láti ìgbà náà. Ó máa ń fẹ́ mọ ìdáhùn kí ó tó mọ ọ̀nà. Ní báyìí, òun ló jókòó sí ọ́fíìsì tí mo ti lò rí, ó sì ń rán èèyàn sí mi bí ẹni ń júwe ilé àtijọ́.

Ọ̀ràn ọmọbìnrin náà kò ṣòro láti lóye. Ìgbà kẹta rẹ̀ nìyí tó jókòó ìdánwò ẹ̀kọ́ yìí. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ ni pé ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta nínú ẹ̀kọ́ kan náà yóò kúrò. Máàkì méjì péré ló kù kí ó yege, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì gba gbogbo máàkì tó pàdánù. Ìgbìmọ̀ ìdánwò yóò jókòó ní ọjọ́ Àlàmísì. Ọjọ́ Àtìní ló dé ọ̀dọ̀ mi, lẹ́yìn ìrun àlàásárì.

"Ìbéèrè wo?"

"Ti òrùka irin tó wà lórí okùn mẹ́ta, mà."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìbéèrè náà, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó tẹ̀lé e dúró lé. Òrùka irin kékeré kan wà, ẹrù kan sì so mọ́ ọn nísàlẹ̀. Igba níútìn ni ìwúwo ẹrù náà. Níútìn ni a fi ń wọn agbára. Igba níútìn kò tó ìwúwo ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Okùn onírin mẹ́ta ló di òrùka náà mú, wọ́n gùn lọ sí ìkọ́ mẹ́ta lára àjà, àjà náà sì fi mítà méjì ga ju òrùka lọ. Ká sọ pé o dúró lábẹ́ òrùka tí o gbójú sókè, tí o sì fi ibi tó wà lókè orí rẹ̀ gan-an lára àjà ṣe àmì. Láti ibi àmì yẹn, ìkọ́ kìíní wà ní mítà méjì sí ọ̀tún àti mítà kan sí ẹ̀yìn. Ìkọ́ kejì wà ní mítà méjì sí òsì àti mítà kan sí ẹ̀yìn. Ìkọ́ kẹta wà ní iwájú tààrà, ní mítà kan ààbọ̀. Agbára mélòó ni okùn kọ̀ọ̀kan fi ń fa òrùka?

Fúnra mi ni mo ṣe ìbéèrè yẹn, mo sì ṣe é dáadáa. Mo yan nọ́ńbà rẹ̀ bí ẹni ń yan aṣọ fún ìyàwó. Okùn méjì tó wà lẹ́yìn gùn ní mítà mẹ́ta géérégé, ti iwájú gùn ní mítà méjì ààbọ̀, ìdáhùn sì jẹ́ àádọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe é bó ti yẹ kò ní bá ìdá kankan pàdé nínú ìdáhùn. Èyí tó bá ṣì í ni yóò bá ara rẹ̀ nínú igbó nọ́ńbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí mo sì fi dán wọn wò.

"Kí ni o rí?" mo bi í.

"Mo rí 101.6 lára okùn méjèèjì ẹ̀yìn, mà, àti 93.5 lára ti iwájú."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi kì í sáàbà rẹ́rìn-ín sí akẹ́kọ̀ọ́, kò sì yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Àádọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún. Kò sí ìdáhùn mìíràn. Èmi ni mo kọ ọ́."

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹrin, mà."

"Nígbà náà, o ti ṣì í lẹ́ẹ̀mẹrin."

Ó ṣí ìwé náà, ó nà án sí mi. Ìwé ìbéèrè gan-an kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń gbà á padà nínú yàrá ìdánwò. Ohun tó rántí ló tún kọ sílẹ̀. Mo wo ìlà àkọ́kọ́. Ó kọ ọ́ pé mítà 2.1 ni ìkọ́ kẹta fi wà níwájú.

"Ta ló sọ fún ọ pé 2.1 ni?"

"Bí ó ṣe wà nínú ìbéèrè nìyẹn, mà."

"Mítà kan ààbọ̀ ló wà nínú ìbéèrè. O kò tilẹ̀ ka ìbéèrè kí o tó dáhùn rẹ̀, o wá ń bá olùkọ́ rẹ jiyàn, o sì ń bá mi jiyàn nínú ilé mi."

"Alhaja, mo kà á."

"Máa lọ."

Ó di ìwé rẹ̀ pọ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Wọ́n ti sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe," ó sì jáde. Mo dúró nídìí fèrèsé títí ó fi kọjá ilé kẹta, kì í ṣe nítorí àánú, ṣùgbọ́n nítorí pé mo ń dúró kí ó wẹ̀yìn wò kí n lè bojú jẹ́ sí i. Kò wẹ̀yìn.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń fi àríyànjiyàn sílẹ̀ láìparí. Ní àárọ̀ Àtàláátà, mo mú pẹ́ńsù àti ìwé láti fi hàn pé irọ́ ni 101.6. Mo gbà fún un pé 2.1 ni, mo sì ṣe é bí mo ti máa ń kọ́ wọn. Èèyàn kò gbọ́dọ̀ fa okùn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nínú orí rẹ̀, yóò dàrú. A máa ń pín ìfà okùn kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta: apá tó ń fà sí ẹ̀gbẹ́, apá tó ń fà síwájú tàbí sẹ́yìn, àti apá tó ń fà sókè. Òrùka kò lọ síbì kankan. Nítorí náà, ohun tó ń fà á sọ́tùn-ún gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ohun tó ń fà á sósì. Ti iwájú gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀yìn. Gbogbo ti òkè lápapọ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ igba níútìn, nítorí igba ni ẹrù ń fà wálẹ̀. Ìdọ́gba mẹ́ta, ohun àìmọ̀ mẹ́ta. Bí a bá fẹ́ mọ ìpín apá kọ̀ọ̀kan nínú ìfà, a ó fi gígùn okùn fúnra rẹ̀ pín ìwọ̀n ọ̀nà tí okùn gbà lọ sí ìhà yẹn. Okùn ẹ̀yìn gùn ní mítà mẹ́ta, ó sì gòkè mítà méjì. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìfà rẹ̀ ló ń gbé ẹrù.

Bí ìkọ́ kẹta bá wà ní 2.1, okùn rẹ̀ yóò gùn ní mítà 2.9. Mo ṣe ìṣirò náà dé ìdí. Ó fún mi ní 101.6, 101.6, àti 93.5.

Mo tún un ṣe. Ó tún fún mi ní bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà ni mo wá lóye pé ọmọ yẹn kò ṣì ìṣirò. Bí ó bá ṣì ohunkóhun, ìkàwé ló ṣì. Mo rọ̀ mọ́ èyí fún wákàtí kan gbáko, nítorí ó dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìborùn mi, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí àdúgbò Challenge.

Ní Challenge, àwọn ilé ìtẹ̀wé kan wà tó ń ta ẹ̀dà ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní ìdìpọ̀, ti ọdún kan lórí òmíràn, ìdáhùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti bá irú wọn jà nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ wò mí láti òkè délẹ̀.

"Alhaja, ṣé ọmọ-ọmọ yín lẹ fẹ́ rà á fún ni, àbí ẹ fẹ́ padà sí school?"

"Fún mi ní ti ẹ̀kọ́ agbára, ọdún kejì."

"Tuntun ń bẹ níbẹ̀ o. Ti oṣù tó kọjá ti wọlé."

"Báwo ló ṣe wọlé?"

"Ẹ̀yin náà, Alhaja. Ẹ fẹ́ ra ìwé ni, àbí ẹ fẹ́ mú mi?"

Mo rà á. Mo ṣí i níbẹ̀, lórí tábìlì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sọ fún mi pé mo dí àwọn oníbàárà òun lọ́nà. Òrùka mi wà níbẹ̀, okùn mẹ́ta, igba níútìn, àwòrán tí mo fi ọwọ́ ara mi yà. Mítà kan ààbọ̀ ló wà nínú ti ọdún dé ọdún. Nínú ti oṣù tó kọjá, ẹnì kan ti fi kọ̀ǹpútà pa nọ́ńbà yẹn rẹ́, ó sì tẹ 2.1 sí i. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yí padà nínú gbogbo ojú ìwé.

Mo mọ ìdí rẹ̀ kíá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ha ìbéèrè mi sórí. Olórí ẹ̀ka, tó gba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ mi, fẹ́ fi ohun kékeré tàn wọ́n, kò sì fẹ́ ṣe wàhálà àtikọ ìbéèrè tuntun. Ó sún ìkọ́ kan síwájú, ó sì gbàgbé pé nígbà tí ìkọ́ kan bá kúrò ní ipò rẹ̀, gbogbo okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìfà wọn ń yí padà. Àkọsílẹ̀ ìdáhùn tí wọ́n fi ń máàkì, ti èmi àtijọ́, kò fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ha àádọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún sórí yege. Ẹni tó jókòó tó ṣe ìṣirò ohun tó wà níwájú rẹ̀ gba òdo.

Mo sì ti lé e jáde kúrò nílé mi.

Ní ọjọ́ Àlàrùba, mo dé ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Nígbà tó wọlé tó bá mi lórí àga àlejò, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń wá bírò tó jábọ́ sílẹ̀.

"Alhaja. Ẹ ò pè kí ẹ tó wá."

"Ìwọ náà kò pè kí o tó rán akẹ́kọ̀ọ́ sí mi."

"Mo rò pé inú yín máa dùn pé a ṣì ń lo ìbéèrè yín."

Mo fi ìdìpọ̀ ìwé náà síwájú rẹ̀, mo fi ìka kan 2.1. Ó wò ó. Mo rí i pé ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ó yára gbé ojú kúrò.

"Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ṣe é," ló wí.

"Ẹ̀rọ kì í sún ìkọ́. Mú ìdáhùn rẹ, ká fi sínú àwòrán rẹ. Okùn ẹ̀yìn méjèèjì, àádọ́rùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan: ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ló ń fà sẹ́yìn. Èló ni?"

"Alhaja, mi ò sí ní kíláàsì."

"Èló ni?"

Ó wo àwòrán náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọgbọ̀n. Méjèèjì, ọgọ́ta."

"Okùn iwájú, ọgọ́rùn-ún. Fi 2.1 lọ́po, kí o fi 2.9 pín in."

Ó fi fóònù ṣe é. "72.4."

"Ọgọ́ta sẹ́yìn, méjìléláàádọ́rin lé díẹ̀ síwájú. Kí ni òrùka máa ṣe?"

Ó da fóònù rẹ̀ dojú dé lórí tábìlì.

"Yóò lọ síwájú. Àti ti òkè: ọgọ́ta, ọgọ́ta, okùn iwájú á fi mọ́kàndínláàádọ́rin kún un. Kò pé igba. Ẹrù rẹ kò dúró lórí okùn rẹ. Fi ti ọmọbìnrin yẹn síbẹ̀, kí o wò ó bóyá kò ní dúró. Bí ìkọ́ ṣe jìnnà síwájú, ìpín tí okùn rẹ̀ ń gbé dín kù, àwọn ti ẹ̀yìn sì gba ìyókù. Ọmọ yẹn rí i. Ìwọ kò rí i."

Ó dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó padà, ọ̀wọ̀ ti kúrò nínú ohùn rẹ̀ pátápátá.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Ó wá sí ọ̀dọ̀ yín ní Àtìní. Kí lẹ sọ fún un?"

Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́.

"Mo sọ fún un pé ó ṣì í."

"Ó dáa. Àwa méjèèjì la sọ fún un pé ó ṣì í. Kí ló wá dé tó jẹ́ èmi nìkan lẹ wá mú?" Ó jókòó. "Tí mo bá yí ìdáhùn padà lónìí, gbogbo àwọn tó kọ àádọ́rùn-ún ló máa kùnà. Ìdajì kíláàsì. Àwọn òbí wọn á wá bá mi níbí. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa dá wọn lóhùn?"

"Wọn kò ṣe ìṣirò. Wọ́n rántí ni."

"Ta ló ń fi ìbéèrè kan náà dán wọn wò títí wọ́n fi lè rántí rẹ̀?"

Mo wo àwòrán òrùka mi lórí tábìlì. Ó rí ibi tí mo ń wò, ó sì gbádùn rẹ̀. Ó fa ìwé kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ. Nígbà tó parí, ó yí i sí mi. Ó kọ ọ́ sí ìgbìmọ̀ pé àṣìṣe wà nínú ìbéèrè náà láti ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Pé nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka béèrè pé kí wọ́n fún ìdáhùn méjèèjì ní máàkì. Àyè ìfọwọ́sí méjì ló wà nísàlẹ̀, tirẹ̀ àti tèmi.

"Àṣìṣe mi kọ́," mo wí.

"Mo mọ̀."

"Ìbéèrè mi kò ní àlèébù kankan. Ọmọ ọdún àkọ́kọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò."

"Alhaja, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kò ní yẹ ìṣirò wò. Ìwé ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Tí ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ bá sọ pé ẹ ṣì í, wọ́n á gbà, ọmọ náà á gba máàkì rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kùnà. Tí èmi bá sọ pé mo sún ìkọ́, wọ́n á dá ìdánwò náà nù, wọ́n á ṣe òmíràn. Ọmọ yẹn á jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ṣé ẹ rò pé wọ́n á gba ẹlẹ́ẹ̀kẹrin fún un?"

N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tó sọ nípa ìgbìmọ̀, títí di òní n kò mọ̀. Mo ní kí ó fún mi ní ìwé ìdáhùn ọmọ náà kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ó wá a jáde. Mo kà á láti òkè délẹ̀, bí ó ti yẹ kí n ka ìwé tó nà sí mi ní Àtìní. Ó ya àwòrán tirẹ̀. Ó wá gígùn okùn, ó pín ìfà kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, ó kọ ìdọ́gba mẹ́ta, ó sì yanjú wọn. Nísàlẹ̀, ó tún da gbogbo rẹ̀ padà láti rí i pé ó pé igba. N kò kọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ wọn ló gbà. Ẹni tó máàkì ti fa ìlà pupa kan gbọọrọ kọjá lórí rẹ̀, kò tilẹ̀ dúró ní ìlà kankan.

Mo fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí mi tóbi, ó sì ṣeé kà. Bí wọ́n ti kọ́ wa nìyẹn. Olórí ẹ̀ka náà fọwọ́ sí tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà.

"Ẹ ṣeun, Alhaja," ló wí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Ìgbìmọ̀ gbà á ní Àlàmísì. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu akọ̀wé kan, nítorí kò sẹ́ni tó pè mí. Mo tún gbọ́ pé wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ìyá àgbà yẹn ti ń gbàgbé nǹkan, pé ó ti pẹ́ tí ìbéèrè rẹ̀ ti ní àṣìṣe, pé kò sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ gba ìwé owó ìfẹ̀yìntì mi, mo sì pàdé ọmọbìnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé. Òun ló kọ́kọ́ rí mi. Ó wá, ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò kan ilẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin lẹ ṣì í, mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣì í."

"Rárá, èmi kọ́. Mo ṣe ìṣirò náà, ó bá tìrẹ mu, ìyẹn ni mo fi lọ wá ìwé ìbéèrè."

Kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀, n kò sì retí rẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín. Ká ní 101.6 tí mo rí kò bá ohun tí ẹ̀yin náà rí mu nígbà tí ẹ ṣe é, ṣé ẹ máa lọ wá ìwé ìbéèrè yẹn?"

Ọ̀pọ̀ ìdáhùn tó dára ló wà tí olùkọ́ lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní irú àkókò yẹn. Mo mọ gbogbo wọn, mo sì ti lò wọ́n rí.

"N kò ní lọ," mo wí.

"Mo mọ̀, mà," ló fèsì. Ó dìde, ó gbọn eruku ìkúnlẹ̀ tí kò sí lára aṣọ rẹ̀ dànù, ó sì padà sínú ilé ìkàwé.